Trọ́ọ̀sì ṣẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10: 5, 12 àti 13

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì kékeré sẹ́yìn ilé láti máa kó irinṣẹ́ àti oúnjẹ adìyẹ sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù ti parí, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀, 12 ní gígùn. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kan trọ́ọ̀sì rẹ̀, igi onígun mẹ́ta tí yóò gbé òrùlé ró. Mo gé orí ráfítà méjì, igi tó dàgẹ̀rẹ́ lápá méjèèjì, ní dígíríì 45, mo gbé wọn forí kanra, òkè kan ara wọn ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi wọ ibẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹnì kan tún ní kí n fi àjákù pákó kan ojú oríkèé, ẹlòmíràn ní pílàìwúùdù ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?”

Àbúrò mi, àlàfo tí ọwọ́ rẹ wọ̀ yẹn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ráfítà méjì bá forí kanra, tí òkè pàdé tí ìsàlẹ̀ là, o gé e gẹ̀rẹ́ jù. Bí ìsàlẹ̀ bá pàdé tí òkè là, o kò gé e gẹ̀rẹ́ tó. Dígíríì 45 wà fún òrùlé tó ga tó ìdajì fífẹ̀ ilé. Fún ilé tìrẹ, ìyẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 láti orí ògiri dé ṣóńṣó, mi ò sì rò pé ṣọ́ọ̀ṣì lo ń kọ́ sẹ́yìn ilé. Má ju igi náà nù. Bí o bá rí i pé ó ṣì gùn tó, a óò tún un gé.

Káfíńtà kì í ti orí dígíríì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé bí òun bá rìn tó báyìí ní ìbú, láti etí ògiri wá sí àárín ilé, mélòó ni òun fi gòkè ní òòró? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló ń bí igun. Ilé rẹ fẹ̀ ní íńṣì 120 láti ìta ògiri kan dé ìta ìkejì, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 60. Mo fẹ́ kí o fi 25 gòkè. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo íńṣì 12 tí o bá rìn, o gòkè 5.

Mo ní ìdí tí mo fi mú 25. O mọ̀ bí bíríkìlà ṣe ń fi 3, 4 àti 5 wo ìpìlẹ̀ bóyá igun rẹ̀ gún régé. 5, 12 àti 13 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ 60 tí òòró jẹ́ 25, igi tó dàgẹ̀rẹ́ láti etí ògiri dé ṣóńṣó yóò jẹ́ íńṣì 65 gééré, kò ní sí ìdajì, kò ní sí ìdá mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń fi téèpù wọn igi nínú oòrùn ọ̀sán mọ iye tí ìyẹn tó.

Bí o bá ní ẹ̀rọ ayùn tó ń yí igun, dígíríì rẹ̀ jẹ́ 22.6. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ihò tó máa ń há sí 22.5. Fi í síbẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí igi íńṣì 4 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún nǹkan kan: bí o bá fi awò igun wo ìlà yẹn láti ẹ̀gbẹ́ gígùn igi, 67.4 ni yóò kọ fún ọ. Ìlà kan náà ni, apá kejì lo ti ń wò ó, àwọn méjèèjì para pọ̀ di 90. Níbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ba igi jẹ́.

Bí o kò bá ní ẹ̀rọ, ó tilẹ̀ rọrùn jù. Wá àjákù pílàìwúùdù kan tí igun rẹ̀ gún régé. Láti igun náà, wọn íńṣì 24 lọ sí apá kan, 10 lọ sí apá kejì, fa ìlà so wọ́n pọ̀, kí o sì gé e. Ìlà gígùn tí o gé yẹn yóò jẹ́ 26. Pátánì rẹ nìyẹn. Kọ “ìbú” sí ẹ̀gbẹ́ 24, kọ “òòró” sí ẹ̀gbẹ́ 10. Bí o bá tẹ́ ẹ̀gbẹ́ 26 mọ́ etí igi, ìlà tí o bá fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “òòró” ni ìlà ibi tí ráfítà méjèèjì ti ń forí kanra. Èmi ṣì ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ tó ti dúdú fún ìdọ̀tí ọwọ́, mo máa ń gbé e kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó yá, ká gé ráfítà. Igi tú-báì-fóò ni kí o rà, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12. Tẹ́ pátánì sí ìparí kan, fa ìlà òòró, gé e. O óò rí i pé ẹ̀gbẹ́ òkè igi gùn ju abẹ́ rẹ̀ lọ ní bí íńṣì kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láti igun abẹ́, wọn 65 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́ igi, kí o sì sàmì síbẹ̀: ibẹ̀ ni yóò jókòó sí ní etí ògiri. Fi 13 kún un fún ìbòrí tí yóò yọ síta, ìyẹn yóò fún ọ ní íńṣì 12 gbáko ní ìbú kí omi òjò má máa sẹ̀ sára ògiri. Ó di 78. Fa ìlà òòró mìíràn níbẹ̀, gé e. Ìlà kejì yìí gbọ́dọ̀ dagun sí ibi tí èkínní dagun sí. Bí o bá yí pátánì padà, ráfítà rẹ yóò dà bí ọkọ̀ ojú omi, igi náà sì lọ nìyẹn.

Ráfítà àkọ́kọ́ yìí ni ìyá gbogbo wọn. Kọ “ÌYÁ” sí i lára pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí o sì máa fi í sàmì sórí gbogbo èyí tó kù. Má ṣe fi ẹ̀kejì wọn ẹ̀kẹta, kí o tún fi ẹ̀kẹta wọn ẹ̀kẹrin. Fífẹ̀ pẹ́ńsù lásán á máa kún un nígbà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí o bá fi dé ìkẹwàá, òrùlé rẹ ti ní ìkè.

Igi tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ tó so ẹsẹ̀ ráfítà méjèèjì pọ̀ ni à ń pè ní táì-bíìmù. Gé e sí íńṣì 120. Nínú igi íńṣì 144, 24 yóò ṣẹ́kù, má sọ ọ́ nù. Orí táì-bíìmù yìí gbọ́dọ̀ gẹ̀rẹ́ kí ráfítà lè sùn lé e. Ní ìparí rẹ̀, sàmì sí ìdá mẹ́rin íńṣì láti abẹ́ sókè, nítorí bí o bá jẹ́ kó rí ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ, yóò fọ́ kó tó dé orí ògiri. Láti àmì yẹn, fi pátánì fa ìlà tó ń gòkè 5 nínú 12 títí yóò fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè igi. Bí igi náà bá jìn ní íńṣì 4 pípé, ìlà náà yóò yọ ní íńṣì 9 láti ìparí. Mo ní “bí”, torí tú-báì-fóò tí ọjà pákó Bódìjà ń tà fún mi kì í sábà pé 4. Mo ti wọn èyí tó jẹ́ 3¾ àti èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o wọn, má wọn orúkọ rẹ̀.

Igi ìdúró àárín, kíńgì-póòsì, wà nínú àjákù íńṣì 24 yẹn. Gígùn rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó jẹ́ 21¼ bí táì-bíìmù rẹ bá jìn ní 4. Bí ó bá jẹ́ 3¾, fi ìdá mẹ́rin kún un. Gé orí rẹ̀ sí ṣóńṣó lápá méjèèjì pẹ̀lú pátánì kan náà, kó lè wọ abẹ́ ráfítà méjèèjì. Àwọn ènìyàn rò pé igi yìí ló gbé ṣóńṣó ró bí òpó ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú trọ́ọ̀sì, rírọ̀ ló rọ̀ sílẹ̀ láti ṣóńṣó, òun ló sì fa àárín táì-bíìmù mọ́ra kó má baà tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣó tó mú ìdí rẹ̀ fi ṣe pàtàkì, a kò kàn ń gbé e jókòó lásán.

Kí o tó kan ìṣó kankan, wá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kí o fi ṣọ́ọ̀kì ya trọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ bó ṣe tó. Fa ìlà 120, sàmì sí 60, gòkè 25¼ láti àárín (ìdá mẹ́rin yẹn ni èyí tí a fi sílẹ̀ lórí táì-bíìmù). To igi sórí àwòrán, kí o sì fi àjákù igi há a lápá òde kó má yẹ̀. Nígbà tí o bá kan trọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tán, gbé e kúrò, yí i dojú bolẹ̀ kí apá òsì di apá ọ̀tún, kí o sì tún un tẹ́ sórí àwòrán kan náà. Bí ó bá bọ́ sórí ìlà, apá méjèèjì dọ́gba. Bí ṣóńṣó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdajì ibi tó fi yẹ̀ ni àṣìṣe rẹ. Ojú lásán kò lè rí i bí ìyípadà yìí ṣe ń fi hàn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ oríkèé. Kí n tó dá ọ lóhùn lórí pákó àti pílàìwúùdù, jẹ́ ká wo ohun tí oríkèé ń gbé. Ká ní ẹni tó wọn kílò 80 jókòó sórí ṣóńṣó láti kan páànù. Ìwúwo rẹ̀ yóò ti ẹsẹ̀ ráfítà síta. Ní gẹ̀rẹ́ 5 nínú 12, agbára tó ń fa táì-bíìmù yóò tó kílò 96, ó ju ìwúwo ẹni náà fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní o ti jẹ́ kí òrùlé náà rẹlẹ̀ tó íńṣì 12 péré, láti fi dín igi kù, 96 yẹn yóò di 200. Òrùlé tó rẹlẹ̀ ń na ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo agbára yìí ń gba oríkèé etí ògiri kọjá, níbi tí igi méjì kàn ti sùn lé ara wọn ní gẹ̀rẹ́. Ìṣó tí a gbá láti ẹ̀gbẹ́ wọ inú ráfítà kò lè dúró tì í. Nǹkan gbọ́dọ̀ dè wọ́n lójú méjèèjì. Nǹkan ọ̀hún là ń pè ní gọ́sẹ́ẹ̀tì, pátákó pẹlẹbẹ tó bo ojú oríkèé.

Èmi náà ti lo àjákù pákó rí. Ìgbà tí iṣẹ́ ṣì tutù lọ́wọ́ mi, mo kan òrùlé abà kan fún àgbẹ̀ kan, mo fi pákó íńṣì kan bo gbogbo oríkèé. Ó dára lójú. Nígbà tí ìjì oṣù kẹrin jà, òrùlé kò lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gòkè, mo rí i pé pákó mẹ́ta ti là gbọọrọ láti ìṣó dé ìṣó, bí ẹni fi àáké la igi ìdáná. Ìlà ara igi ni ìdí rẹ̀. Pákó lágbára lọ́nà gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìbú, fífa díẹ̀ àti ìṣó mẹ́rin lórí ìlà kan ti tó láti là á. Oríkèé sì ń fa pátákó lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí igi méjì tó pàdé níbẹ̀ kò kọjú síbì kan. Pílàìwúùdù ní tirẹ̀, àwọn awẹ́ rẹ̀ dábùú ara wọn, ìlà kan lọ síwájú, èkejì gba ẹ̀gbẹ́, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà là. Ẹni tó ní pílàìwúùdù ni kí o gbọ́.

Ra èyí tó nípọn ní íńṣì ààbọ̀, kí ó jẹ́ máríìnì, torí ṣẹ́ẹ̀dì kò ní síìlìnì, ìrì àti ọ̀rinrin yóò máa kàn án. Fún etí ògiri, gé onígun mẹ́rin tó gùn ní íńṣì 18, tí apá òde rẹ̀ ga ní 4½, tí apá inú ga ní 12. Òkè rẹ̀ yóò gẹ̀rẹ́ 5 nínú 12 láìsí ìṣirò kankan, torí 18 máa ń gòkè 7½. Bí o bá to méjì ní ìdojúdé, wọ́n di onígun mẹ́rin gígún kan, 18 sí 16½. Pátákó ẹsẹ̀ 4 sí 8 kan yóò mú gbogbo 20 tí trọ́ọ̀sì 5 nílò jáde, bí o bá tẹ́ 18 náà sí ọ̀nà gígùn pátákó. Tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí ìlà ojú pílàìwúùdù lè bá táì-bíìmù lọ, níbi tí fífa pọ̀ sí jù. Ti ṣóńṣó, gé e ní 16 ní fífẹ̀ àti 11 ní gíga láàárín, kí o gẹ̀rẹ́ èjìká rẹ̀ bá ráfítà. Ti ìdí kíńgì-póòsì, 8 sí 10 tó. Pátákó kejì yóò gba àwọn wọ̀nyí, yóò sì ṣẹ́kù. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ yọ lókè ráfítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pọ́línì, igi tí a ń kan páànù mọ́, kò ní jókòó.

Ìṣó íńṣì 2 ni. Ó gba inú pílàìwúùdù ààbọ̀ íńṣì, ó wọ igi ní íńṣì kan àti ààbọ̀, kò sì yọ lódìkejì. Ní etí ògiri, kan 8 sínú ráfítà àti 8 sínú táì-bíìmù, lójú kọ̀ọ̀kan. Lórí ìṣirò tèmi, mi ò kì í ka ìṣó irú yẹn sí ju kílò 20 lọ. Mẹ́rìndínlógún ló mú igi kọ̀ọ̀kan lójú méjèèjì, ìyẹn 320, tí a bá fi wé 96, àyè wà fún ìjì àti fún ìṣó tí kò wọlé dáadáa. Ní ṣóńṣó, 6 sínú ráfítà kọ̀ọ̀kan àti 4 sínú kíńgì-póòsì. Nísàlẹ̀ rẹ̀, 4 sókè, 4 sísàlẹ̀. Má kan wọn ní ìlà gígún kan. Jẹ́ kí wọ́n yà síra wọn bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú iyẹ̀pẹ̀, kí tojú kejì má sì pàdé tojú èkínní nínú igi. Fi ṣóńṣó táì-bíìmù sílẹ̀ láìkàn, íńṣì 2 tó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ tín-ín-rín jù. Bí igi rẹ bá jẹ́ igi líle bí apá tàbí àyìn, kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò tó tín-ín-rín ju ìṣó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣó á wọ́ tàbí igi á là.

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti rí ẹni tó ra pátákó dúdú dídán tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn kọnkéré, nítorí pé ó le tí omi kò sì ń wọ̀ ọ́. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n gúlúù igi kì í mú un. Bí o bá lò ó, ìṣó nìkan ló ń ṣiṣẹ́, fi 2 kún iye tí mo kọ. Gúlúù kò sì ń mú igi tí a ti fi oògùn ikán olóróró kùn. Nítorí náà gé igi, fi gúlúù àti ìṣó kan oríkèé pọ̀, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí o tó fi oògùn kun gbogbo rẹ̀, pàápàá orí tí ayùn ti gé. Àwọn irin eléyín tí a ń rí lára òrùlé ilé iṣẹ́ ńlá, má rà wọ́n. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ wọ́n wọnú igi. Bí o bá fi òòlù lù wọ́n, eyín wọn á tẹ̀.

Trọ́ọ̀sì 5, ẹsẹ̀ bàtà 3 síra wọn, ló tó gígùn 12 rẹ. Igi 15 ni yóò gbà: 5 fún táì-bíìmù, 10 fún ráfítà. Inú igi ráfítà kọ̀ọ̀kan yóò ṣẹ́ àjákù bí íńṣì 64 kù. Àwọn ni kí o fi dábùú láàárín trọ́ọ̀sì méjì-méjì nígbà tí o bá ń gbé wọn dúró, torí trọ́ọ̀sì tí kò ní ìdábùú, bí ọ̀kan bá ṣubú, yóò gbá gbogbo àwọn yòókù lọ. Fi okùn irin pẹlẹbẹ gba orí ẹsẹ̀ ráfítà kọjá, kí o kan án mọ́ igi orí ògiri lápá méjèèjì. Igi orí ògiri náà gbọ́dọ̀ ní irin tó so ó mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ìwúwo páànù kò tó nǹkan, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ gbé òrùlé sókè ni ọ̀tá.

Kí o tó gbé wọn gòkè, mú pẹ́ńsù, kí o fa ìlà gbọọrọ kan ní oríkèé etí ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ìlà náà ti orí gọ́sẹ́ẹ̀tì bọ́ sára ráfítà, kí òmíràn bọ́ sára táì-bíìmù. Lẹ́yìn òjò líle mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gbé àkàbà, tan iná wò ó. Bí ìlà náà bá ṣì gún, oríkèé kò yẹ̀. Bí ó bá ti já, tí apá kan sún kúrò ní ìdojúkọ ìkejì, kódà bí ó jẹ́ fífẹ̀ pẹ́ńsù, ìṣó ti ń tẹ̀ nínú ibẹ̀. Fi mẹ́rin kún un lójú méjèèjì, kí o tún ìlà mìíràn fà.